Mọ́kàndínlógún Tó Ju Ogún Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kan owó tí gbogbo wa jọ ń dá sí àpò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ẹ̀ka wa. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ṣùgbọ́n kò le ju ìṣirò tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ lọ. A bẹ̀ yín kí ẹ kà á dópin, nítorí pé àìmọ̀ ìṣirò yìí ti gba owó lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kan, a kò sì fẹ́ kó tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ₦10,000,000 wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí a mọ̀ pé a kò ní lò fún ọdún kan. Àwa ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wa. Báńkì kan ní òun yóò san èlé 20 nínú 100 lọ́dún tí a bá lè fi owó náà sí fíkísì, ìyẹn owó tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Ọ̀nà kejì ni ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀, èyí tí àwọn báńkì ń pè ní tírẹ́ṣúrì bíìlì. Ìròyìn ti jáde pé 19 nínú 100 ni wọ́n fi ta ti ọlọ́jọ́ 364. Ẹnì kan nínú wa béèrè pé, "Èwo ló pọ̀ jù nínú 19 àti 20?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A nawọ́, ọ̀rọ̀ parí, owó lọ sí fíkísì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé owó wá kí wa ní ọ́fíìsì. A ròyìn ohun tí a ṣe fún un pẹ̀lú ayọ̀. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi mú pẹ́ńsù wá. Mọ́kàndínlógún tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn ju ogún tí ẹ gbé lọ." A rò pé bàbá ń ṣe àwàdà ni. Nígbà tó parí ìṣirò rẹ̀, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tí bàbá fi hàn wá. Bíìlì ìjọba kì í ṣe nǹkan tuntun. Láti ọdún 1960 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń tà á. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ló ń bá ìjọba tà á ní gbàǹjo, ti ọlọ́jọ́ 91, ti ọlọ́jọ́ 182 àti ti ọlọ́jọ́ 364. Ìjọba fẹ́ yá owó fún ìgbà díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò yá a bí a ṣe ń yá owó lọ́wọ́ ara wa, pé gba ọgọ́rùn-ún kí o dá ọgọ́rùn-ún àti èlé padà. Ńṣe ni ìjọba kọ ọ́ sórí ìwé pé òun yóò san ₦100 lọ́jọ́ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò san owó tí kò tó ₦100 lónìí, yóò sì gba ₦100 pípé lọ́jọ́ náà. Ohun tí ìjọba dín fún un lórí ₦100 náà ni à ń pè ní ẹ̀dínwó. Ẹ̀dínwó yìí gan-an ni èrè ẹni tó rà á. Kò sí èlé mìíràn tí wọn yóò tún san lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ nìyí. Nígbà tí ìròyìn sọ pé 19 nínú 100, orí ₦100 tí ìjọba yóò san lẹ́yìn ọ̀la ni wọ́n ti ka 19 náà. Wọn kò kà á lórí owó tí ẹ mú jáde lápò lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì sọ pé 20 nínú 100 lórí fíkísì, orí owó tí ẹ gbé wá ló ti kà á. Ìdiwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹni fi kóńgò oníyangan kan wọn àgbàdo, tó fi òmíràn wọn ti ẹnìkejì, tó wá ń ka iye kóńgò láìwo bí kóńgò ṣe tóbi tó, ni àwa ṣe nígbà tí a nawọ́.

Àwa òṣìṣẹ́ ló yẹ kó tètè yé jù, nítorí pé a ti mọ ìṣirò yìí láti ọwọ́ àwọn tó ń yá wa lówó. Ẹ rántí olówó èlé tó máa ń dúró sẹ́nu géètì bí oṣù bá ti fẹ́ẹ̀ẹ́ pé. O ní kó yá ọ ní ₦10,000 fún oṣù kan. Ó ní èlé òun jẹ́ 20 nínú 100, àti pé òun yóò yọ èlé òun sílẹ̀ kí òun tó fún ọ lówó. Ó ka ₦8,000 lé ọ lọ́wọ́. Nígbà tí oṣù bá pé, ₦10,000 ni wàá san. Èló lo yá ní tòótọ́? ₦8,000 ni, nítorí òun nìkan ló dé ọwọ́ rẹ. Èló ni èlé? ₦2,000. Bí a bá pín ₦2,000 sí orí ₦8,000, 25 nínú 100 ni, kì í ṣe 20. Olówó èlé kò parọ́, 20 nínú 100 ló yọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí owó tí kò fún ọ ló ti kà á.

Nínú bíìlì ìjọba, àwa tí a rà á la wà ní ipò olówó èlé, ìjọba ló wà ní ipò ẹni tó yá owó. Èlé ti jáde sílẹ̀ ṣáájú, nítorí náà owó tó kúrò lọ́wọ́ wa kéré sí ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé, èrè gidi wa sì pọ̀ ju iye tí wọ́n kéde lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe é pẹ̀lú gbàǹjo ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024, èyí tí a fojú kéré. Lọ́jọ́ náà, ìdá ẹ̀dínwó bíìlì ọlọ́jọ́ 91 jẹ́ 17.24 nínú 100, ti ọlọ́jọ́ 182 jẹ́ 18, ti ọlọ́jọ́ 364 sì jẹ́ 19. Ti ọlọ́jọ́ 364 la ó kọ́kọ́ mú. Ìdá tí wọ́n ń kéde jẹ́ ti ọdún kan gbáko, nítorí náà a ó sọ 19 di ti ọjọ́ 364: a ó fi 364 sọ 19 di púpọ̀, a ó sì fi 365 pín in. Ó jẹ́ 18.95. Ìyẹn ni ẹ̀dínwó. A ó yọ ọ́ kúrò nínú 100, ó ku 81.05. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ gba ₦100 lẹ́yìn ọjọ́ 364 yóò san ₦81.05 lónìí. Títí dé ibí yìí, ọwọ́ ìjọba la fi ń ṣírò.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni àwa kò ṣe. Owó tó jáde lápò wa jẹ́ ₦81.05, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦18.95. Ẹ pín 18.95 sí orí 81.05, ẹ sọ ọ́ di nínú 100, ẹ sì tún un ṣe láti ọjọ́ 364 sí ọjọ́ 365 kó lè di ti ọdún kan. Yóò fún yín ní 23.44 nínú 100. Èyí ni ìdá èrè gidi. Òun ló yẹ ká gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ 20 tí báńkì fẹ́ san, kì í ṣe 19.

Ní ti ₦10,000,000 wa, iye tó sún mọ́ ọn jù tí a lè rà jẹ́ bíìlì tí wọ́n kọ ₦12,337,000 sí lórí. Owó rẹ̀ ì bá jẹ́ ₦9,999,392, ṣéńjì ₦608 ì bá sì kù lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn ọjọ́ 364, èrè wa ì bá jẹ́ ₦2,337,608. Èlé fíkísì ní 20 nínú 100 fún ọjọ́ 364 kan náà jẹ́ ₦1,994,521. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: ₦343,087 ni. Iye tí ẹgbẹ́ pàdánù nìyẹn, ká má tíì yọ owó iṣẹ́ báńkì, nítorí pé a rò pé ọ̀rọ̀ 19 àti 20 kò nílò pẹ́ńsù. A kò di ẹ̀bi náà ru báńkì. Ó sọ tirẹ̀ bó ṣe rí, ó sì san án pé. Àwa ìgbìmọ̀ ni a kò béèrè.

Àwọn kan lè bi wá pé, kí ló dé tí ìjọba kò fi kéde èrè gidi fún gbogbo ènìyàn? Ìdáhùn wà nínú ìṣirò tí a ṣe tán yìí. Láti rí iye owó bíìlì pẹ̀lú ìdá ẹ̀dínwó, ìsọdipúpọ̀ kan, pípín kan àti ìyọkúrò kan ti tó. Láyé ìgbà tó jẹ́ ìwé àti gègé ni àwọn akọ̀wé báńkì fi ń ṣírò, ọ̀nà yìí ló yá jù, àṣà náà sì kù síbẹ̀. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tilẹ̀ fi àṣìṣe kejì kún un: ọjọ́ 360 ni wọ́n fi ń ṣe ọdún nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ẹ̀dínwó bíìlì. Bíìlì ọlọ́jọ́ 182 tí ẹ̀dínwó rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100 yóò jẹ́ dọ́là 97.47 lórí dọ́là 100, èrè gidi rẹ̀ lórí ọdún ọlọ́jọ́ 365 yóò sì jẹ́ 5.20. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe tó wù wá: nígbà tí wọ́n bá kéde èsì gbàǹjo, wọ́n ń kọ ìdá ẹ̀dínwó, wọ́n sì ń kọ ìdá èrè gidi sínú ìwé èsì kan náà. Ẹni tó bá kà á kò ní ṣìnà.

Ó tún yẹ ká mọ̀ pé àlàfo tó wà láàárín ẹ̀dínwó àti èrè gidi kì í ṣe iye kan náà nígbà gbogbo. Bí ọjọ́ bá ṣe gùn sí i, tí ìdá sì ṣe ga sí i, ni ẹ̀dínwó ń tóbi, owó tí a san ń kéré, àlàfo sì ń fẹ̀. Nínú gbàǹjo ọjọ́ náà, ti ọlọ́jọ́ 91 tó jẹ́ 17.24 di 18.01. Ti ọlọ́jọ́ 182 tó jẹ́ 18 di 19.77. Ti ọlọ́jọ́ 364 tó jẹ́ 19 di 23.44. Nítorí náà, ẹni tó bá wo 17.24 àti 19 yóò rò pé ìyàtọ̀ wọn kò tó 2, ṣùgbọ́n ó lé ní 5 ní tòótọ́. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ti ọlọ́jọ́ 91 àti ti ọlọ́jọ́ 182 kò tó 20 tí báńkì fẹ́ san. Kì í ṣe gbogbo bíìlì ló ju fíkísì lọ. À fi ká ṣírò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí ti ọlọ́jọ́ 91. Ẹni tó bá rà á yóò gba owó rẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ọdún, ó sì lè fi owó àti èrè ra òmíràn, kí èrè máa bí èrè. Bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ìdá náà kò sì yí padà rárá, èrè rẹ̀ fún ọjọ́ 364 yóò sún mọ́ 19.2 nínú 100 dípò 18.01. Ṣùgbọ́n ta ló mọ iye tí gbàǹjo tó ń bọ̀ yóò jẹ́? Ó lè lọ sókè, ó lè wálẹ̀. Èrè gidi tí a ṣírò dájú fún ọjọ́ orí bíìlì náà nìkan, fún ẹni tó bá dì í mú dópin. Ẹni tí ìnáwó bá mú kó tà á ṣáájú ọjọ́, iye tí ọjà bá dá lọ́jọ́ náà ni yóò gbà, ó sì lè kéré sí ohun tó ń retí.

Nísinsìnyí, ibi tí àṣìṣe ti lè bá ẹni tó ti gbọ́n díẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá ra bíìlì lọ́wọ́ báńkì tàbí alágbàtà lẹ́yìn tí gbàǹjo ti kọjá, òun náà yóò dá ìdá kan fún yín. Ó lè ní, "Mọ́kàndínlógún ni mo fẹ́ fún yín." Ẹ má tíì yọ̀. Ẹ bi í pé, "Ṣé ẹ̀dínwó ni tàbí èrè gidi?" Bí ẹnu rẹ̀ kò bá dúró sójú kan, ẹ bi í ní iye tí ẹ ó san lórí ₦100. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dínwó, tí ọjọ́ tó kù jẹ́ 364, ₦81.05 ni yóò pè. Bí ó bá pe ₦84.07, ẹ mọ̀ pé èrè gidi ló ń sọ, àti pé ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3.02 lórí gbogbo ₦100. Lórí bíìlì ₦10,000,000, ìyẹn jẹ́ ₦302,000. Iye owó kì í purọ́ bí ìdá ṣe máa ń rúni lójú.

Ẹ tún bi í ní owó iṣẹ́ rẹ̀ àti owó orí tí wọn yóò yọ. Ẹ fi owó iṣẹ́ kún ohun tí ẹ san, ẹ yọ owó orí kúrò nínú ohun tí ẹ ó gbà, kí ẹ tó pín in. Bí ẹ bá ṣe èyí fún bíìlì, ẹ ṣe é fún fíkísì pẹ̀lú, kí ìdiwọ̀n má bàa tún yàtọ̀.

Gbogbo ohun tí a ń sọ yìí kò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ: èló ló kúrò lọ́wọ́ wa lónìí, èló ni yóò padà wá, ọjọ́ mélòó ni yóò fi padà wá? Ẹni tó bá ní ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣírò èrè gidi fúnra rẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n pe ìdá rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ gbé wá sí ìpàdé gbogbogbòò nìyí. Àkọ́kọ́, kí ìgbìmọ̀ má ṣe fi owó ẹgbẹ́ sí ibikíbi láìkọ iye tó jáde, iye tí yóò padà wá, iye ọjọ́ àti ìdá èrè gidi sórí pátákó ìkéde, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní iṣẹ́ alẹ́ pàápàá lè kà á ká tó dìbò. Èkejì, kí a má ṣe gba ẹ̀dínwó àti èlé láyè láti dúró lórí ìlà kan náà mọ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó lè dun àwa fúnra wa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa náà ń yọ èlé sílẹ̀ nígbà tó bá ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó. Ẹni tó bá yá ₦100,000 fún ọdún kan ní 10 nínú 100 ń gba ₦90,000 lọ́wọ́. Bí ó bá san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ọdún pé, ₦10,000 lórí ₦90,000 ló san, ìyẹn 11.11 nínú 100. Bí a bá sì ń gé e lówó oṣù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èlé gidi tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí pé owó náà kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò ní kí ẹgbẹ́ má gba èlé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a kọ èlé gidi sínú ìwé ìyáwó, kí ẹni tó fẹ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ ohun tó ń tọwọ́ bọ̀. Bí a bá fẹ́ kí báńkì àti ìjọba fi ìdiwọ̀n tòótọ́ wọ̀n fún wa, ká má fi ayédèrú wọ̀n fún ara wa.

Fíkísì wa pé ní oṣù kejì ọdún 2025, owó sì wọlé bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Nígbà tí a tún jókòó lé owó náà, kò sí ẹni tó béèrè èwo ló pọ̀ jù. Pẹ́ńsù la kọ́kọ́ béèrè.